Ẹ Tún Un Ṣírò Fúnra Yín: Kọ́rẹ́ǹtì Réṣíò àti Gíárìn Nínú Ìwé Ìròyìn Ọdún



Àwa tí a wà ní Barnawa mọ̀ pé àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kò jìnnà sí wa rárá. Kaduna Textiles Limited, tí gbogbo ayé ń pè ní KTL, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ó sì ti ìlẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles náà ti ìlẹ̀kùn ní 2007 kí ó tó tún ṣí ní 2010. Bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó há sínú rẹ̀: owó òṣìṣẹ́, owó ẹni tí ó ta òwú fún un láwìn, owó báǹkì, àti owó ẹni tí ó ra ṣíà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí KTL kógbá sílé ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣì ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn.

Ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí lè bi ìwé ìròyìn ọdún ilé-iṣẹ́ kan kí wọ́n tó fi owó tàbí iṣẹ́ wọn lé e lọ́wọ́. Èkíní ni pé, ṣé ó lè san gbogbo gbèsè tí yóò tó sísan láàrin ọdún kan? Èkejì ni pé, nínú owó tí ó fi ń ṣòwò, èwo ni tirẹ̀, èwo ni ó yá? Kọ́rẹ́ǹtì réṣíò ni ó ń dáhùn ìbéèrè kìíní, gíárìn ni ó ń dáhùn ìkejì. Nínú kíláàsì, a máa ń fún wa ní iye owó tí a ti tò sílẹ̀ dáadáa, a ó sì pín ọ̀kan sí èkejì. Nínú ìwé ìròyìn ọdún gidi, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń tẹ èsì sí ojú ewé àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán alága. Iṣẹ́ wa lónìí ni láti mọ bí a ṣe ń tún un ṣírò, àti ohun tí a ó ṣe bí tiwa kò bá bá tiwọn mu.

Ìdí tí kò fi níláti bá ara mu kò le. Ìlànà ìṣirò àgbáyé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí a ń ta ṣíà wọn ní gbangba ní Nàìjíríà ti ń tẹ̀lé láti 2012, sọ bí a ó ṣe kọ báláǹsì ṣíìtì. Kò sọ ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ṣírò kọ́rẹ́ǹtì réṣíò tàbí gíárìn. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ méjì lè pe orúkọ kan náà kí wọ́n sì ní ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́kàn. Orúkọ kì í ṣe ìṣirò.

Ibi tí a ti ń mú iye owó

Ẹ ṣí ojú ewé báláǹsì ṣíìtì, ẹ fi ojú ewé alága sílẹ̀ ná. Kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀, ẹ wo ohun mẹ́ta lókè rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹ wò ó bóyá ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n fi kà á tàbí mílíọ̀nù náírà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àkọlé òpó kọ̀ọ̀kan, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó bí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ń tẹ òpó méjì: ọ̀kan fún gbogbo ẹbí lápapọ̀, ọ̀kan fún ìyá nìkan. Ẹni tí ó bá mú dúkìá láti òpó ẹbí tí ó sì mú gbèsè láti òpó ìyá yóò rí èsì tí ó dára gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ kankan láyé tí èsì náà jẹ́ tirẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni a nílò lórí báláǹsì ṣíìtì náà. Dúkìá ìgbà kúkurú ni ohun tí a retí pé yóò di owó láàrin ọdún kan: ọjà tí ó wà nílẹ̀, owó tí àwọn oníbàárà jẹ wá, àti owó tí ó wà lọ́wọ́ àti ní báǹkì. Gbèsè ìgbà kúkurú ni èyí tí a ó san láàrin ọdún kan. Gbèsè ìgbà pípẹ́ ni èyí tí ó kọjá ọdún kan. Owó oníṣíà ni ohun tí yóò kù bí a bá yọ gbogbo gbèsè kúrò nínú gbogbo dúkìá.

Èkarùn-ún kò sí lójú báláǹsì ṣíìtì rárá, inú àlàyé ẹ̀yìn ìwé ni ó wà. Ẹ wá àlàyé tí ó sọ̀rọ̀ nípa owó yíyá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pín gbèsè báǹkì sí wẹ́wẹ́: èyí tí ó jẹ́ ofadiráàfù, èyí tí ó jẹ́ apá gbèsè ńlá tí ó ti tó sísan lọ́dún yìí, àti èyí tí ó ṣì wà lọ́jọ́ iwájú. Ojú ewé yìí ni ẹni tí ó bá ń kánjú máa ń fò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ọ̀kan

Mo fi ọwọ́ ara mi ṣètò iye owó ìsàlẹ̀ yìí fún ẹ̀kọ́ ni. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ gidi kan. Mílíọ̀nù náírà ni a fi kà á.

Dúkìá ìgbà pípẹ́: 9,000
Ọjà tí ó wà nílẹ̀: 3,600
Owó tí àwọn oníbàárà jẹ: 2,000
Owó lọ́wọ́ àti ní báǹkì: 400
Àpapọ̀ dúkìá: 15,000

Owó tí a jẹ àwọn tí ó tajà fún wa: 2,200
Owó orí: 300
Ofadiráàfù: 1,500
Apá gbèsè ńlá tí ó tó sísan lọ́dún yìí: 1,000
Gbèsè ìgbà pípẹ́: 4,000
Owó oníṣíà: 6,000
Àpapọ̀: 15,000

Ká sọ pé ojú ewé alága kọ ọ́ pé kọ́rẹ́ǹtì réṣíò jẹ́ 2.4, gíárìn sì jẹ́ 40%. Ní ti kọ́rẹ́ǹtì réṣíò, olùkọ́ wa ti sọ fún wa pé bí ó bá ti tó 2, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe é fúnra wa.

Dúkìá ìgbà kúkurú ni 3,600 + 2,000 + 400, ó jẹ́ 6,000. Gbèsè ìgbà kúkurú ni 2,200 + 300 + 1,500 + 1,000, ó jẹ́ 5,000. A ó wá pín in:

6,000 ÷ 5,000 = 1.2

Tiwọn jẹ́ 2.4, tiwa jẹ́ 1.2. Kí a má tíì pariwo pé wọ́n purọ́. Ohun tí ó kàn ni láti wá ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀, a sì lè ṣe é láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. A ó fi èsì wọn pín dúkìá tí a mọ̀: 6,000 ÷ 2.4 = 2,500. Nítorí náà, gbèsè tí wọ́n lò jẹ́ 2,500. Ẹ padà sí inú gbèsè náà kí ẹ wo àwọn tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,500: 2,200 àti 300 ni. Wọ́n ka owó àwọn tí ó tajà fún wọn àti owó orí, wọ́n sì yọ ofadiráàfù àti apá gbèsè báǹkì sílẹ̀. Bóyá àlàyé wọn ni pé ọ̀rọ̀ owó yíyá nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Àmọ́ báǹkì tí ó ni ofadiráàfù lè béèrè owó rẹ̀ nígbàkígbà, òun gan-an ni ó sì máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó fẹ́ ta òwú láwìn kò lè yọ báǹkì sílẹ̀, nítorí pé orí owó kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò.

Ìṣísẹ̀ kan tún kù. Nínú 6,000 yẹn, 3,600 jẹ́ ọjà tí ó wà nílẹ̀, a kò sì lè fi aṣọ san owó báǹkì. Bí a bá yọ ọjà kúrò, yóò ku 2,400, tí a bá sì pín in sí 5,000, yóò jẹ́ 0.48. Ìyẹn ni pé fún náírà kan tí ó tó sísan, ohun tí kò níláti dúró de oníbàárà tuntun kò tó àádọ́ta kọ́bọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ ń yá lè fara da èyí, bíi ti àwọn tí ń ta oúnjẹ. Èyí tí aṣọ rẹ̀ ń pẹ́ nílẹ̀ nítorí aṣọ òkèèrè tí ó kún ọjà kò lè fara dà á pẹ́.

Gíárìn: ta ni a kà, ta ni a fò?

Ẹ jẹ́ kí a lo ọgbọ́n kan náà fún 40%. Gbèsè ìgbà pípẹ́ nìkan ni wọ́n lò:

4,000 ÷ (4,000 + 6,000) = 40%

Ọ̀nà yìí wà nínú ìwé ẹ̀kọ́, a kò sì lè sọ pé òdì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí gíárìn ń wá ni ẹrù owó èlé, ofadiráàfù sì ń gba èlé, apá gbèsè ọdún yìí náà ń gba èlé. Bí a bá ka gbogbo owó tí ń gba èlé pọ̀, 1,500 + 1,000 + 4,000, yóò jẹ́ 6,500:

6,500 ÷ (6,500 + 6,000) = 52%

Owó ẹlòmíràn ti ju owó onílé lọ. Bí ẹlòmíràn bá pín gbèsè náà sí owó oníṣíà nìkan, 6,500 ÷ 6,000, yóò rí bíi 108%. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a gbé gíárìn ilé-iṣẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ti òmíràn láìjẹ́ pé ọwọ́ ara wa ni a fi ṣe méjèèjì, ní ọ̀nà kan náà.

Ibi tí ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn ti ń ṣeni ní jàm̀bá gan-an nìyí. Báǹkì kì í yáni ní owó ńlá láìsí àdéhùn. Ká ní ilé-iṣẹ́ wa yìí ti rú àdéhùn náà kí ọdún tó parí, tí báǹkì sì ní ẹ̀tọ́ láti gba gbogbo owó rẹ̀ lójijì, ìlànà ìṣirò sọ pé 4,000 yẹn kì í ṣe gbèsè ìgbà pípẹ́ mọ́. Inú ìgbà kúkurú ni yóò bọ́ sí. Gbèsè ìgbà kúkurú yóò di 9,000, kọ́rẹ́ǹtì réṣíò yóò sì já sí 6,000 ÷ 9,000, èyí tí ó jẹ́ 0.67. Ẹ wá wo gíárìn tí ilé-iṣẹ́ fi gbèsè ìgbà pípẹ́ nìkan ṣe: kò sí gbèsè ìgbà pípẹ́ mọ́, nítorí náà gíárìn di òdo! Ọjọ́ tí ara ilé-iṣẹ́ le jù lọ ni ọ̀nà ìṣirò yẹn ń sọ pé ara rẹ̀ dá. Tiwa tí ó ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò yẹ̀, 52% ni ó ṣì jẹ́. Bí ẹ bá rí i pé gíárìn ṣàdédé lọ sílẹ̀ tí kọ́rẹ́ǹtì réṣíò náà sì já wálẹ̀ lọ́dún kan náà, ẹ lọ ka àlàyé owó yíyá, ẹ ó rí gbèsè tí ó ṣí kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn.

Nígbà tí owó oníṣíà bá tán pátápátá

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo ilé-iṣẹ́ gidi tí kò sí ilé ìdáná tí kò mọ̀ ọ́n. Nestlé Nigeria, tí ó ń ṣe Milo àti Maggi, tí ó ní ilé-iṣẹ́ ní Agbára ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tajà bílíọ̀nù 446.8 náírà ní 2022. Ní 2023 ó ta bílíọ̀nù 547.1. Ẹni tí ó bá wo ọjà nìkan yóò ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yìí ti yá owó dọ́là, títí kan èyí tí ó yá lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ ní òkèèrè. Ní òpin 2022, dọ́là kan jẹ́ bíi 460 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di òpin 2023, lẹ́yìn tí ìjọba dá náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó ti ju 900 lọ. Kódà bí wọn kò bá yá dọ́là kan kún un, gbèsè àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní náírà. Òfò tí ó bá ìyẹn wá jẹ èrè ọjà run, ọdún náà sì parí pẹ̀lú òfò bíi bílíọ̀nù 79.5.

A lè tọ ipa owó oníṣíà láti ọdún kan sí èkejì. Ní òpin 2022 ó jẹ́ bíi bílíọ̀nù 30.3. Wọ́n san 36.50 náírà lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí èrè ìkẹyìn ọdún 2022, ṣíà tí ó wà nílẹ̀ sì jẹ́ bíi mílíọ̀nù 792.7, nítorí náà bílíọ̀nù 28.9 jáde. Lẹ́yìn náà ni òfò 79.5:

30.3 − 28.9 − 79.5 = −78.1

Báláǹsì ṣíìtì wọn sọ pé ó dín ní bílíọ̀nù 78, tiwa sì bá a mu. Ìyàtọ̀ kékeré tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ti gígé iye kúrú. Irú ìtọpasẹ̀ yìí ni ó ń fi hàn pé ìlà tí ó tọ́ ni a mú.

Wàyí o, kí ni gíárìn yóò jẹ́? Ẹ jẹ́ kí a fi gbèsè tí a kàn dá sílẹ̀ dán an wò, kì í ṣe ti Nestlé. Bí gbèsè bá jẹ́ 100 tí owó oníṣíà sì jẹ́ −78, yóò jẹ́ 100 ÷ 22, bíi 455%. Bí gbèsè bá pọ̀ sí i tí ó di 200, yóò jẹ́ 200 ÷ 122, bíi 164%. Ẹ ò rí i? Gbèsè di ìlọ́po méjì, gíárìn wá dára sí i! Níbi tí owó oníṣíà bá ti wọ ìsàlẹ̀ òdo, gíárìn tí a fi owó oníṣíà ṣe kò nítumọ̀ mọ́. Ẹ má kọ èsì kankan sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé owó oníṣíà ti tán, kí ẹ wá béèrè ohun méjì. Ṣé èrè ọjà tó láti san owó èlé ọdún náà? Ta sì ni ó ni gbèsè náà? Ìyá tí ó yá ọmọ rẹ̀ lówó lè ní sùúrù. Báǹkì àjèjì kò níláti ní in.

Àwòrán ọjọ́ kan

Kódà bí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni báláǹsì ṣíìtì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé Carillion ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí hàn. Nínú ìwé ìròyìn ọdún 2016 rẹ̀, gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn tí a yọ owó ọwọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 219 pọ́n-ùn ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún. Owó oníṣíà jẹ́ bíi mílíọ̀nù 730. Bí a bá pín in, yóò jẹ́ 30%, èyí tí kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ níbòmíràn pé bí a bá ṣe ìdámẹ́dógbọ̀ọ́gba gbèsè náà jálẹ̀ ọdún, mílíọ̀nù 587 ni. Ẹ fi pín sí 730, yóò jẹ́ bíi 80%. Wọ́n ti kó owó jọ, wọ́n ti sún owó sísan síwájú, kí ọjọ́ àwòrán tó dé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2018, Carillion wó.

Nítorí náà, ibikíbi tí ẹ bá ti rí gbèsè ìdámẹ́dógbọ̀ọ́gba ọdún nínú ìwé, òun ni kí ẹ fi ṣe gíárìn kejì, kí ẹ sì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹ wo owó èlé tí wọ́n san lọ́dún náà, kí ẹ fi gbèsè òpin ọdún pín in. Bí ó bá jẹ́ pé báǹkì ń gba 20% lórí owó, tí èlé tí wọ́n san sì dà bí 45% gbèsè òpin ọdún, gbèsè tí wọ́n gbé kiri láàrin ọdún ju èyí tí wọ́n jẹ́ kí a rí lọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ilé-iṣẹ́ àpẹẹrẹ kejì ní dúkìá ìgbà kúkurú 8,400, tí 5,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ọjà. Gbèsè ìgbà kúkurú rẹ̀ jẹ́ 7,000; 1,200 nínú rẹ̀ jẹ́ ofadiráàfù, 800 sì jẹ́ apá gbèsè ńlá. Gbèsè ìgbà pípẹ́ jẹ́ 3,000, owó oníṣíà jẹ́ 5,000. Alága kọ ọ́ pé kọ́rẹ́ǹtì réṣíò jẹ́ 1.68, gíárìn sì jẹ́ 37.5%. Ẹ wá ohun tí ó fò, kí ẹ sì tún méjèèjì ṣe.

Ìdáhùn: 8,400 ÷ 1.68 jẹ́ 5,000, nítorí náà ó yọ 2,000 ti báǹkì sílẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì réṣíò gidi ni 1.2, bí a bá yọ ọjà, kò ju 0.49 lọ. Gbogbo gbèsè tí ń gba èlé jẹ́ 5,000, gíárìn sì jẹ́ 50%. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ padà sí ìlà gbèsè ìgbà kúkurú, ibẹ̀ ni yóò ti já.